Èèkàn Pọ̀ Sí I, Ebè Ò Pín

Lóru tí iná ọba bá ti lọ, tí gbogbo àdúgbò ti gbé jẹnẹrétọ̀ jáde, ìró kan wà tó ti mọ́ wa létí débi pé a kì í fiyè sí i mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tiwa ń dún lẹ́yìnkùlé, ti aládùúgbò ń dún lódìkejì ògiri, ṣùgbọ́n etí kì í gbọ́ wọn ní méjì. Àwọn méjèèjì á para pọ̀ di ìró kan ṣoṣo tó ń wú, tó ń rọlẹ̀, tó tún ń wú: wúù, wúù, wúù, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan nínú wọn, wíwú náà á dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, èyí tó kù á sì máa dún lọ gbọọrọ.

Wíwú yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé nǹkan kan tó máa ń tan àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ìró wò jẹ. Wọ́n á gba ìró sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á to òdo rẹpẹtẹ sí ìdí rẹ̀, àwòrán tí kọ̀ǹpútà bá sì yà á wá jọ̀lọ̀, á dán, á dà bíi pé ojú rẹ̀ ti là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwòrán náà dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀, kò tíì rí i.

Ibi tí ìró méjèèjì ti wá

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń mu bẹntiróòlù, tó ní sìlíńdà kan ṣoṣo, ló wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí ó bá ń sáré bó ṣe yẹ, ó máa ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó ń mu bẹntiróòlù nìkan láìpo ọ́ìlì mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo méjì ló ń tanná. Nítorí náà, ìgbà 25 ni ó ń bú jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú ìró bẹ́ẹ̀ kì í dá rìn. Ó máa ń kó àwọn ìlọ́po rẹ̀ lẹ́yìn: 50, 75, 100, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú 100, nítorí fóònù ń gbọ́ ọ dáadáa ju 25 tó rẹlẹ̀ gan-an lọ. Láti ìsinsìnyí, bí mo bá sọ pé ìró 100, ohun tí mò ń wí ni ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ká wá sọ pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yá díẹ̀ ju tiwa lọ, tó ń yí ní ìgbà 3,060 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò kan náà, ìgbà 25.5 ni ó ń bú jáde, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 102. Ìró 100 wá láti ọ̀dọ̀ wa, ìró 102 wá láti ọ̀dọ̀ tiwọn.

Ìró méjèèjì dà bí èèyàn méjì tó ń rìn pọ̀, tí ẹsẹ̀ ọ̀kan yá ju ti èkejì lọ díẹ̀. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ wọn á bọ́ sílẹ̀ pọ̀, ìró á wú. Láìpẹ́ ọ̀kan á ti ṣíwájú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ti ọ̀kan ṣe ń gòkè ni ti èkejì ń sọ̀, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, ìró á rọlẹ̀. Nítorí pé ìgbọ̀n méjì ni wọ́n fi ju ara wọn lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà méjì ni ìró náà ń wú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwú kan sí èkejì, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yóò padà já sí.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bi ìró léèrè

Fóònù kì í tọ́jú ìró bí ìró. Òǹkà ni ó ń kọ sílẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti maikirofóònù síwá sẹ́yìn. Fóònù sábà máa ń kọ òǹkà 44,100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún ìró tó rẹlẹ̀ bíi ti jẹnẹrétọ̀, bí a bá ti sẹ́ àwọn ìró tó ga dànù, òǹkà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ ìró tó wà nínú àwọn òǹkà wọ̀nyí? Joseph Fourier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fi ọ̀nà náà hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1822 lórí bí ooru ṣe ń rìn nínú nǹkan. Ó ní bí ìgbì kan ti wù kó rí wúruwùru tó, a lè tú u sí àwọn ìgbì jẹ́jẹ́ tó para pọ̀ dá a. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí kò nira láti sọ. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìró 100 wà nínú ohun tí a gbà sílẹ̀, ó máa mú ìgbì 100 tó mọ́, ó máa fi òǹkà kọ̀ọ̀kan tí a gbà sílẹ̀ sọ òǹkà tó bá a mu lára ìgbì yẹn di púpọ̀, lẹ́yìn náà ó máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ìró 100 bá wà níbẹ̀, àròpọ̀ náà á tóbi. Bí kò bá sí, àwọn òǹkà á máa pa ara wọn rẹ́, àròpọ̀ á sì sún mọ́ òdo.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló ti ń béèrè. Ó ní àwọn ibi pàtó tó máa ń dúró sí, bí ìgbà tí èèyàn ri èèkàn mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ gbọọrọ kan. Àlàfo àárín èèkàn kan sí èkejì jẹ́ 1 tí a fi gígùn ìró náà ní ìṣẹ́jú àáyá pín. Bí a bá gba ìró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, àlàfo náà jẹ́ 1. Bí ó bá jẹ́ ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá la gbà, àlàfo á di 4, èèkàn á sì wà ní 96, 100, 104, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan kejì tún wà, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Ìró tí a gbà fún ìgbà kúkúrú kì í dúró ṣóńṣó sójú kan bí abẹ́rẹ́. Ó máa ń tàn kálẹ̀ bí ebè iṣu, orí rẹ̀ wà níbi tí ìró náà wà gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nà sọ́tùn-ún sósì. Bí ìró náà bá ṣe kúrú sí ni ebè ṣe ń fẹ̀ sí. Fún ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, ebè ìró 100 bẹ̀rẹ̀ láti 96, ó parí sí 104. Ti ìró 102 bẹ̀rẹ̀ láti 98, ó parí sí 106. Àwọn ebè kéékèèké mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi àwọn yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin náà ti rí i pé ebè méjì yìí ti gorí ara wọn.

Ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan

Èmi àti àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ jọ dán èyí wò. A kò lo jẹnẹrétọ̀ gidi rárá. Kọ̀ǹpútà la fi dá ìró 100 àti ìró 102 sílẹ̀, kí a lè mọ òótọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. A fún ìró kọ̀ọ̀kan ní agbára 100, a sì gé ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan jáde, ìyẹn òǹkà 250, láti ibi tí ìró ti wú jù lọ.

Kọ̀ǹpútà ka ohun tó bá lórí èèkàn mẹ́ta fún wa. Lórí 96, agbára tó rí jẹ́ nǹkan bí 21. Lórí 100, ó jẹ́ 164. Lórí 104, ó jẹ́ 64. Ẹni tó bá wo òǹkà mẹ́ta yìí á sọ pé ìró kan wà nítòsí 100, ó sì lágbára gan-an. Kò sẹ́ni tó máa rí 102 níbẹ̀, nítorí kò sí èèkàn kankan tó dúró síbẹ̀.

Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, èèkàn ló fọ́n jù. Ẹ jẹ́ ká fi òdo kún un.” Ohun tí wọ́n máa ń ṣe nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn. A to òdo 3,750 sí ìdí òǹkà 250 náà, gbogbo rẹ̀ wá di 4,000. Kọ̀ǹpútà rò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin la gbà, ó sì ri èèkàn rẹ̀ ní ìdámẹ́rin-ìdámẹ́rin: 100, 100.25, 100.5, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Àwòrán tó yọ sójú kọ̀ǹpútà dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ebè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó yípo dáadáa, orí rẹ̀ ga dé 180, ó sì dúró sórí 101 gan-an.

Inú àbúrò mi dùn. “Ẹ ò rí i? 101 ni!”

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohunkóhun tó ń dún 101. Àwa fúnra wa la dá ìró náà, a sì mọ̀ pé 100 àti 102 ló wà níbẹ̀. Àwòrán tó jọ̀lọ̀ yẹn ń tọ́ka sí jẹnẹrétọ̀ kan tí kò sí ní àdúgbò wa rárá, ó sì ń tọ́ka sí i láìṣiyèméjì.

Kí ni òdo ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ rántí ìṣirò kọ̀ǹpútà: kí ó sọ òǹkà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, kí ó wá ro wọ́n pọ̀. Òdo tí a bá fi ohunkóhun sọ di púpọ̀, òdo náà ni yóò jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà dé orí òǹkà 251 títí dé 4,000, kò rí nǹkan kan tó lè fi kún àròpọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ lórí èèkàn 96, 100 àti 104 kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ páàpáà. Bí ẹ bá yọ gbogbo èèkàn tuntun kúrò, èyí tó kù á bá àwòrán àkọ́kọ́ mu láìfi ibì kan yàtọ̀.

Ohun tí òdo ṣe kò ju pé ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bi òǹkà 250 kan náà ní ìbéèrè púpọ̀ sí i. Ebè náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èèkàn mẹ́ta ló kàn án ní àkọ́kọ́, èèkàn tó lé ní ọgbọ̀n ló wá kàn án nígbà tó yá, a sì wá rí bí ebè ṣe rí láti ẹsẹ̀ dé orí. Ṣùgbọ́n èèkàn tí èèyàn ri sórí ebè kì í pín ebè sí méjì. Ìgbà tí a gbà sílẹ̀ ló ń sọ bí ebè yóò ṣe fẹ̀ tó, a kò sì fi ìgbà kankan kún un. Dídákẹ́ la fi kún un.

Kí àbúrò mi lè gbà, mo ní ká tún gé ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá mìíràn, lọ́tẹ̀ yìí láti ibi tí ìró ti rọlẹ̀ jù lọ. A fi òdo iye kan náà kún un. Àwòrán tó jáde yàtọ̀ pátápátá. Ebè méjì ló yọ, wọ́n ga bákan náà, àfonífojì sì wà láàárín wọn. Ó kọ́kọ́ pariwo pé a ti rí wọn, kó tó ka ibi tí orí wọn wà: ọ̀kan wà ní nǹkan bí 98.3, èkejì ní nǹkan bí 103.7. Ìró 100 àti 102 tí ìgbọ̀n méjì péré wà láàárín wọn ti wá fi ju márùn-ún lọ jìnnà síra.

Jẹnẹrétọ̀ kan náà ni, àlẹ́ kan náà ni. Nígbà àkọ́kọ́, àwòrán ní ọ̀kan ló wà. Nígbà kejì, ó ní méjì, ó sì gbé wọn sí ibi tí wọn kò sí. Ìgbà méjèèjì ni òdo mú kí àwòrán dán, kò sì sí ìgbà tó kìlọ̀ fún wa.

Ìdí tí kò fi ṣeé ṣe

Ẹ jẹ́ ká padà sí wíwú. Ohun kan ṣoṣo tó fi hàn pé jẹnẹrétọ̀ méjì ló ń dún, kì í ṣe ọ̀kan, ni pé ìró ń wú, ó sì ń rọlẹ̀. Ìwú kan pẹ̀lú ìrọlẹ̀ rẹ̀ gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó gbọ́ ìdámẹ́rin péré ti gbọ́ ààbọ̀ ìtàn. Bí ó bá jẹ́ ibi tó wú ló gbọ́, yóò sọ pé ìró kan tó lágbára ni. Bí ó bá jẹ́ ibi tó rọlẹ̀ ni, yóò sọ nǹkan mìíràn. Bí a bá wá fi ìdákẹ́jẹ́ gígùn tẹ̀ lé ohun tó gbọ́, ìyẹn kò lè sọ apá tó kù nínú ìtàn fún un.

Ìyẹn ló bí òfin tí àwọn onímọ̀ ń lò: bí a bá fẹ́ ya ìró méjì sọ́tọ̀, kí a gbà wọ́n fún ìgbà tó tó 1 tí a fi àlàfo tó wà láàárín wọn pín, ó kéré tán. Níhìn-ín, àlàfo jẹ́ 2, nítorí náà ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni ẹnu ààlà. Lẹ́nu ààlà yẹn gan-an, nǹkan kò tíì dánilójú, torí náà ó dára kí a kọjá rẹ̀ dáadáa.

A gba ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko, òǹkà 1,000, láìfi òdo kankan sí i. Èèkàn wà ní 99, 100, 101, 102, 103. Agbára lórí 100 jẹ́ 100. Lórí 102, ó jẹ́ 100. Lórí 101, níbi tí ebè tó dán yẹn ti dúró gangan, òdo ni. Àbúrò mi wò ó títí, kò sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí náà ní ààlà tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ gidi kì í sáré bákan náà lọ títí. Bí fíríìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra tàbí tí ẹnì kan bá fi áyọ́ọ̀nù sí iná, ẹ́ńjìnnì á fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò. Bí eré rẹ̀ bá ń yí padà nígbà tí a ń gbà á sílẹ̀, ebè á tún fẹ̀, bó ti wù kí ìró náà gùn tó. Gbígbà fún ìgbà pípẹ́ ń ranni lọ́wọ́ níwọ̀n ìgbà tí ohun tí a ń gbà bá dúró sójú kan.

Níbi tí òdo ti wúlò

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí wọ́n pa òdo tì. Bí a bá mọ̀ pé ìró kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ká sọ pé a pa tiwa, tó ku ti aládùúgbò nìkan. Nínú ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, ìró 102 bọ́ sáàárín èèkàn 100 àti 104. Èèkàn méjèèjì á ka nǹkan bí 64 nínú 100, ìyẹn ni pé ó lé ní ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀ tó sọnù lójú wa, a ò sì mọ èwo nínú èèkàn méjèèjì la fẹ́ gbà gbọ́. Bí a bá fi òdo kún un, orí ebè á hàn ní 102, á sì ga dé 100. Bí a bá fi 4 pín 102, tí a fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, tí a tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, a ó rí 3,060. A ti mọ eré jẹnẹrétọ̀ wọn láìwọ ọgbà wọn.

Ìdí kejì tí wọ́n fi ń lo òdo kò kan àwòrán rárá. Ní 1965, James Cooley àti John Tukey ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde tó mú kí iṣẹ́ Fourier yá gan-an lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà náà rọrùn jù lọ bí iye òǹkà bá jẹ́ 2 tí a ń sọ di ìlọ́po méjì léraléra, bíi 128, 256 tàbí 512. Ẹni tó ní òǹkà 250 lè fi òdo mẹ́fà kún un kó di 256, kí iṣẹ́ lè yá. Kò sẹ́ni tó ń retí pé òdo mẹ́fà yẹn á la ojú òun.

Irú rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara máa ń gba òǹkà tó jọ ti ìró, ìṣirò Fourier ni wọ́n sì fi ń sọ wọ́n di àwòrán. Wọ́n lè fi òdo yí òǹkà náà ká, kí àwòrán tó ní ojú 256 lórí ìlà kan wá ní 512. Àwòrán á jọ̀lọ̀, á sì rọ dókítà lọ́rùn láti wò. Ṣùgbọ́n bí nǹkan méjì bá ti sún mọ́ra jù fún ohun tí ẹ̀rọ gbà, wọn kò ní pínyà nítorí pé ojú àwòrán pọ̀ sí i.

Bí a ṣe lè dá a mọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán ìró tó dán wá síwájú yín, ẹ má kọ́kọ́ wo bó ṣe jọ̀lọ̀ tó. Ẹ béèrè bí ìró tó gbà sílẹ̀ gangan ṣe gùn tó, kó yọ òdo kúrò. Ẹ fi gígùn náà pín 1. Ohun tó bá jáde ni ààlà ibi tí ojú àwòrán náà lè dé. Bí àlàfo ohun tó sọ pé òun rí bá kéré jù ú lọ, ẹ tún béèrè.

Ẹ tún lè ní kó fi òdo ìlọ́po méjì kún un. Bí ebè bá fẹ̀ bó ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ èèkàn nìkan ló pọ̀ sí i, òdo ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ní ìparí, kó gé apá mìíràn lára ìró náà, kó tún un ṣe. Àwòrán tó ń sọ 101 lónìí, tó tún sọ 98.3 àti 103.7 nígbà tó yá, ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tó lè ya ìró 100 àti 102 sọ́tọ̀ nínú ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, bí a bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé méjì pere ni wọ́n, tí ariwo mìíràn kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe òdo.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró láàárín jẹnẹrétọ̀ méjèèjì láìgbé fóònù dání. Ó tẹ́tí títí ìró fi wú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó wọlé, ó ní, “Méjì ni wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Ó kàn gba sùúrù ni.”